Bí A Ṣe Ń Fi Àpapọ̀ Inú Ìwé Mú Nọ́ńbà Tí Fóònù Ṣì Kà

Bí ẹ bá ya fọ́tò ìwé àkọsílẹ̀ ìkórè, tí áàpù inú fóònù sì ka nọ́ńbà ibẹ̀ jáde fún yín, ẹ má tíì gbà á gbọ́. Ó lè ka 6 sí 8, 1 sí 7, tàbí 3 sí 8, pàápàá níbi tí tàdáwà ti ṣá tàbí tí ìwé ti ká. Ojú lásán kì í tètè rí i, torí kò sí ohun tó fi hàn lára 80 pé 60 ló yẹ kó jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìwé náà bá ní àpapọ̀ ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan àti nísàlẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan, ẹ ti ní ohun tí ẹ fi máa mú un.

Ìlà ni èyí tó lọ láti òsì sí ọ̀tún. Òpó ni èyí tó lọ láti òkè sí ìsàlẹ̀. Ẹ wo iye àpò tí áàpù kan kà:

| | Oṣù 1 | Oṣù 2 | Oṣù 3 | Àpapọ̀ |
|---|---|---|---|---|
| Oko 1 | 128 | 94 | 153 | 375 |
| Oko 2 | 86 | 117 | 102 | 305 |
| Oko 3 | 145 | 80 | 138 | 343 |
| Oko 4 | 71 | 109 | 87 | 267 |
| Àpapọ̀ | 430 | 380 | 480 | 1290 |

Ẹ jẹ́ kí áàpù ka àwọn àpapọ̀ náà bí wọ́n ṣe wà nínú ìwé. Àwọn kan máa ń pa wọ́n rẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè ro tirẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́, torí àpapọ̀ tí kọ̀ǹpútà bá rò láti inú nọ́ńbà tó ti ṣì kò ní bá nọ́ńbà náà jà láé.

Ẹ ṣí àtẹ náà nínú Excel tàbí áàpù ìṣirò mìíràn bíi rẹ̀. Tí àkọlé bá wà ní ìlà 1, tí Oko 1 sì bẹ̀rẹ̀ ní ìlà 2, ẹ kọ fọ́múlà àkọ́kọ́ yìí sínú F2, ìyẹn òpó F ní ìlà 2, kí ẹ fà á dé F6. Ẹ kọ èkejì sínú B7, kí ẹ fà á dé E7:

```
=SUM(B2:D2)-E2
=SUM(B2:B5)-B6
```

Ibi gbogbo tó bá rí bó ṣe yẹ máa jẹ́ 0. Níbí, F4 mú 20 wá, C7 náà mú 20 wá. Ìlà Oko 3 àti òpó Oṣù 2 pàdé lórí 80, ibẹ̀ sì ni kí ẹ lọ. Ìyàtọ̀ yẹn tiẹ̀ ti fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀: 20 ló lé, 20 náà sì ni 80 fi ju 60 lọ. Síbẹ̀, ẹ má ṣe tún un kọ torí ìṣirò nìkan. Ẹ fẹ fọ́tò náà kó tóbi. Bí ẹ bá rí 6 tí àbàwọ́n ti dí ẹnu rẹ̀, ẹ kọ 60, ìyàtọ̀ méjèèjì á sì di 0. Bí ó bá jẹ́ 80 gedegbe ló wà níbẹ̀, a jẹ́ pé ẹni tó tẹ ìwé ló ṣì í. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ kọ àlàyé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àpapọ̀ fúnra rẹ̀ náà lè jẹ́ èyí tí áàpù ṣì kà. Ká ní ó ka 343 sí 348, F4 á jẹ́ -5, E7 á sì jẹ́ 5. Bí àmì méjèèjì bá ta kora báyìí, tí òpó tó kan sì jẹ́ ti àpapọ̀, ẹ má yẹ nọ́ńbà inú ìlà náà wò kí ẹ tó wo àpapọ̀.

Èyí tó máa ń dá àwọn ènìyàn lágara jù ni kí áàpù fi lẹ́tà O sí ipò òdo. 109 á di 1O9, kọ̀ǹpútà á kà á sí ọ̀rọ̀, SUM á sì fò ó kọjá láìwí nǹkan kan. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé ìyàtọ̀ á jẹ́ odindi nọ́ńbà náà: F5 àti C7 á jẹ́ -109. Ọ̀rọ̀ sì sábà máa ń fara ti òsì àpótí rẹ̀, nígbà tí nọ́ńbà máa ń fara ti ọ̀tún.

Nígbà mìíràn, ìlà á pé, àmọ́ òpó méjì tàbí mẹ́ta á ṣì, tí ìyàtọ̀ wọn bá sì di ríròpọ̀, á di 0. Ó ṣeé ṣe kí áàpù má ṣì nọ́ńbà kankan kà. Àpótí òfìfo kan ló fò, tí àwọn tó kù sì sún sí òsì. Ẹni tó bá yẹ ìlà nìkan wò kò lè rí èyí. Orúkọ oko tó bá sì bọ́ sí ìlà oko mìíràn, ìlà àti òpó ò ní fura sí i rárá. Ojú lẹ máa fi wò ó.

Bí ẹ bá rí 1 tàbí -1 káàkiri àtẹ tí nọ́ńbà rẹ̀ ti di gbígé sí odindi, bíi ti ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gígé yẹn ló fà á. Ẹ fi irú èyí wé fọ́tò lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n bá bára mu, kí ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.