Bọ́ọ̀lù tó ń ta bíi bàlúùnù: àwọn àṣìṣe tó ń gba ìwúwo lọ́wọ́ rẹ̀

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí mo mú rìn lórí kọ̀ǹpútà, mo nà án nígbà tó ń bọ̀ láti òkè, mo tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ nígbà tó kan ilẹ̀, mo sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Ọ̀gá tó ń kọ́ mi wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Bọ́ọ̀lù lo ṣe yìí àbí bàlúùnù?" Mo ní bọ́ọ̀lù ni sà, ẹ wò ó bó ṣe ń tẹ̀. Ó ní kí n yọ títẹ̀ àti nínà yẹn kúrò, ká jọ wo èyí tó kù. Èyí tó kù rọra ń sọ̀ bí ìyẹ́ adìyẹ, ó bà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì tún gbéra jẹ́jẹ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Títẹ̀ àti nínà la máa ń kọ́kọ́ mú ṣe torí pé ó dùn ún ṣe, bẹ́ẹ̀ àkókò àti eré ló ń gbé ìwúwo. Ẹni tó ń wò lè má mọ ìṣirò kankan, ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti ń rí nǹkan tó ń jábọ́. Tí jíjábọ́ bá ti lòdì, ojú rẹ̀ á sọ fún un kó tó mọ ohun tó fà á. Nítorí náà, má fọwọ́ kan ìrísí bọ́ọ̀lù rárá títí yóò fi ṣeé gbà gbọ́ nígbà tó ṣì rí róbótó.

Má jẹ́ kí sọ́fítíwíà bá ọ yan eré

Mú bọ́ọ̀lù kan tó ń jábọ́ láti nǹkan bíi 1.2 mítà. Tó bá jẹ́ fíréèmù 24, ìyẹn àwòrán 24, là ń lò fún ìṣẹ́jú àáyá kan, fíréèmù 12 ni yóò gbà á kó tó dé ilẹ̀, ìyẹn ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ á fi àmì kan tó ń sọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà sí òkè ní fíréèmù 1, á fi òmíràn sí ilẹ̀ ní fíréèmù 13, á sì ní kí sọ́fítíwíà dí àárín. Tí a kò bá bá sọ́fítíwíà sọ nǹkan kan, á rọra gbéra, á yára ní àárín, á sì tún rọra dúró. Bí ilẹ̀kùn ṣe ń ṣí nìyẹn. Ohun tó ń jábọ́ kì í dẹsẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kó dé ilẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ló ń sáré jù.

Pín fíréèmù 12 yẹn sí mẹ́ta-mẹ́ta, wàá rí ìyàtọ̀ náà. Ní mẹ́ta àkọ́kọ́, bọ́ọ̀lù á sọ̀kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 7.5 péré. Mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, 22.5. Lẹ́yìn ìyẹn, 37.5, mẹ́ta tó kẹ́yìn sì jẹ́ 52.5. Bí 1, 3, 5, 7 ni wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i. Èyí tí sọ́fítíwíà ṣe fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní fíréèmù mẹ́ta tó kẹ́yìn, kò rìn tó sẹ̀ǹtímítà 20. Ìyẹn ni pé bọ́ọ̀lù ń fi ẹsẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ láti orí àkàbà.

Àtúnṣe tí wọ́n máa ń kọ́ wa nínú Blender, sọ́fítíwíà tí a fi ń mú àwòrán rìn, ni pé ká lọ sínú Graph Editor, níbi tó ti ń fi ìlà hàn bí bọ́ọ̀lù ṣe ń rìn, ká yan àmì tó wà nílẹ̀, ká tẹ V, ká sì mú Vector. Ìlà á wá mú ṣóńṣó níbi tó ti kan ilẹ̀, ó sì dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n kò tíì tó, èyí sì ni àṣìṣe tí mo ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ti ṣe é fún ọdún bíi mélòó kan pàápàá. Vector máa ń mú kí bọ́ọ̀lù kan ilẹ̀ pẹ̀lú ìdajì eré tó yẹ kó ní. Fíréèmù mẹ́ta ìkẹ́yìn yẹn á gùn tó sẹ̀ǹtímítà 36, dípò 52.5. Ohun tó bára dé ni kí o yan àmì òkè, kí o tẹ T, kí o mú Quadratic, kí o wá tẹ Ctrl+E, kí o mú Ease In. Fún àmì tó wà nílẹ̀, tí bọ́ọ̀lù ti máa gbéra padà, Quadratic náà ni, ṣùgbọ́n Ease Out. Àmì tí ìrìn kan ti bẹ̀rẹ̀ ló ń pàṣẹ fún ìrìn náà, kì í ṣe èyí tó parí sí. Ọ̀pọ̀ ló ń yí ti ilẹ̀ tí wọ́n sì ń bínú pé jíjábọ́ kò yí padà.

Ìrìn ẹ̀gbẹ́ yàtọ̀ pátápátá. Láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún, kò sí ohun tó ń fà á, nítorí náà kó máa lọ ní eré kan náà. Má fi àmì ẹ̀gbẹ́ sí gbogbo ibi tó ti kan ilẹ̀, torí bọ́ọ̀lù á máa dúró díẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ronú. Àmì méjì ti tó, ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan níparí, kí ìlà àárín wọn sì tọ́.

Má dín gíga kù kí o wá fi àkókò sílẹ̀

Gbogbo wa la mọ̀ pé bọ́ọ̀lù kì í ta dé ibi tó ti jábọ́. A á wá dín gíga rẹ̀ kù, a ó sì fi fíréèmù sílẹ̀ bó ṣe wà: 12 lọ sókè, 12 bọ̀ wálẹ̀, nígbà gbogbo. Tó bá fi máa di ìta kẹta, bọ́ọ̀lù tí kò ga ju orúnkún lọ á máa lò tó ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó padà wálẹ̀. Orí òṣùpá nìyẹn.

Gíga àti àkókò jọ ń dín kù ni, ṣùgbọ́n ìwọ̀n wọn kò dọ́gba. Tí gíga bá di ìdá mẹ́rin ohun tó jẹ́, àkókò á di ìdajì. Ká sọ pé rọ́bà dáadáa ni bọ́ọ̀lù tiwa, tó ń ta dé 64 nínú 100 gíga rẹ̀ ìṣáájú. Àkókò rẹ̀ á máa di 80 nínú 100. Láti 120, gíga á di 77, lẹ́yìn náà 49, 31, 20, 13. Fíréèmù tó fi ń lọ sókè á di 10, lẹ́yìn náà 8, 6, 5, 4, iye kan náà ni yóò sì fi padà wálẹ̀. Nítorí náà, ó kan ilẹ̀ ní fíréèmù 13, 33, 49, 61, 71 àti 79. Fi ìka kan tábìlì bí àwọn nọ́ńbà yẹn ṣe jìnnà síra, wàá gbọ́ ọ: pọ́n-ún… pọ́n-ún.. pọ́n-ún. pọ́npọ́n. Mo ṣì máa ń fi ìka gbá a kí n tó fi àmì kankan sí i. Etí máa ń mú àṣìṣe àkókò ju ojú lọ.

Àwọn kan tún máa ń bẹ̀rù kí bọ́ọ̀lù pẹ́ lókè, wọ́n á wá gé orí ìlà náà kúrú. Má ṣe é. Nínú fíréèmù 20 tó lò lófuurufú ní ìta àkọ́kọ́, nǹkan bíi 14 ló fi wà ní ìdajì òkè.

Má jẹ́ kí èyí tó wúwo yára jábọ́ ju èyí tó fúyẹ́

Tí wọ́n bá ní kí a ṣe bọ́ọ̀lù irin, a á mú kó já wálẹ̀ ní fíréèmù 7. Irọ́ ni. Láti gíga kan náà, irin àti rọ́bà jọ ń dé ilẹ̀ ni. Àfi ohun tí afẹ́fẹ́ lè dá dúró, bíi bàlúùnù, ló ń rọra bọ̀. Tí a bá ní kó lo fíréèmù 7, ẹni tó ń wò á kàn rò pé ibi tó kúrú ló ti jábọ́.

Ẹ̀yìn ìgbà tó kan ilẹ̀ ni ìwúwo ti ń hàn. Irin wa náà á lo fíréèmù 12 wálẹ̀, á wá ta dé bíi sẹ̀ǹtímítà 5 péré, fíréèmù 2 lọ, 2 bọ̀, gbì, ó parí. Má tẹ̀ ẹ́, má nà án, kódà díẹ̀.

Nígbà tó bá wá kan títẹ̀ àti nínà

Padà sídìí bọ́ọ̀lù rọ́bà wa, ká sọ pé ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20. Àṣìṣe tó burú jù níbí máa ń ṣẹlẹ̀ láìmọ̀: o fi àmì sí ìrísí róbótó ní fíréèmù 1, o fi títẹ̀ sí 13, sọ́fítíwíà sì pín títẹ̀ náà káàkiri àárín wọn. Bọ́ọ̀lù á wá máa tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀run bí ohun tó ti ń bẹ̀rù ilẹ̀. Ilẹ̀ ló ń tẹ bọ́ọ̀lù. Tí kò bá tíì kàn án, kò gbọdọ̀ tíì tẹ̀. Jẹ́ kó rí róbótó títí dé fíréèmù 9, kó nà ní 12, kó tẹ̀ ní 13, kó tún nà ní 14, kó sì ti padà sí róbótó ní nǹkan bíi 17. Fíréèmù kan ṣoṣo ni títẹ̀. Tí ó bá di mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bọ́ọ̀lù omi lo ṣe.

Kí ló dé tó fi nà ní 12? Láàárín 12 àti 13, bọ́ọ̀lù sọ̀kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 19, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ìbú ara rẹ̀. Ojú á rí i bí ohun tó fò láti ibì kan sí ibòmíràn. Nínà náà ló ń dí àlàfo yẹn. Nítorí náà, níbi tí eré kò bá ti pọ̀, kò yẹ kí nínà wà, pàápàá jù lọ ní òkè téńté. Tó bá sì ń lọ sí ẹ̀gbẹ́, yí i kó nà sí apá ibi tó ń lọ, kó má dúró ṣánṣán.

Tí o bá dín gíga rẹ̀ kù sí 0.7, fẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò dà bíi pé ó sún kì. Nínú àwòrán orí pátákó, ìbú á di 1.43. Nínú èyí tó ní ìjìnlẹ̀, ìbú àti ìjìnlẹ̀ ló jọ máa pín in, kálukú á di bíi 1.2. Níbi tí mo ti ń rí àṣìṣe jù ni pé wọ́n máa ń lo 1.43 fún méjèèjì, bọ́ọ̀lù á wá tóbi sí i nígbàkígbà tó bá kan ilẹ̀.

Tún wo ojú ibi tí sọ́fítíwíà ti ń wọn bọ́ọ̀lù, tí Blender ń pè ní Origin. Tó bá wà láàárín, bọ́ọ̀lù tí o tẹ̀ sí 0.7 á gbé ìdí rẹ̀ kúrò nílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3, á tẹ̀ lórí afẹ́fẹ́. Fi Empty kan, ìyẹn ohun òfìfo tí kì í hàn nínú àwòrán, sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí o so bọ́ọ̀lù mọ́ ọn, Empty yẹn ni kí o máa gbé, kí o sì máa tẹ̀. Jẹ́ kí Origin bọ́ọ̀lù wà láàárín, torí ibẹ̀ ni yóò ti máa yí.

Má sì tẹ̀ ẹ́ bákan náà ní gbogbo ìgbà. Tó bá tẹ̀ ní 30 nínú 100 lákọ̀ọ́kọ́, á di 24, lẹ́yìn náà 19, 15. Ní fíréèmù 71 àti 79, èmi kì í tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Lẹ́yìn ìta kékeré tó kẹ́yìn, á bẹ̀rẹ̀ sí yí nílẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ni ìrìn ẹ̀gbẹ́ ti lè rọra dẹsẹ̀. Tó bá ti rìn ní sẹ̀ǹtímítà 63, ó gbọ́dọ̀ ti yí ní odindi ẹ̀ẹ̀kan. Tí kò bá yí tó bẹ́ẹ̀, á dà bí ohun tó ń yọ̀ lórí ọṣẹ. Ya ìlà kan sí ara bọ́ọ̀lù kí o lè máa kà á.