Ẹ yé fọwọ́ pa Contrast mọ́: àṣìṣe tó ń jẹ́ kí mónítọ̀ máa ta yín lójú lálẹ́

Ó ti sú mi, kí n sòótọ́. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ alẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ní Ifẹ̀ níbí, tójú bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, á kọ́kọ́ lọ ra gíláàsì tí wọ́n ní ó ń dínà ìmọ́lẹ̀ búlúù, tíyẹn ò bá ṣiṣẹ́ á ra ọ̀rá tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ síkírínì, tíyẹn náà ò bá ṣiṣẹ́ á wá pè mí pé kí n bá òun wá mónítọ̀ míì. Bọ́tìnì tó wà lábẹ́ èyí tó ń lò ńkọ́? Kò tẹ̀ ẹ́ rí. Èmi tí mò ń ta mónítọ̀ tòkunbọ̀ ní Lagere, ó yẹ kínú mi dùn tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra òmíì, àmọ́ tó bá yá ẹ ó tún gbé e padà wá pé tuntun náà ń ta yín lójú, ẹ ó sì máa wò mí bí ẹni tó lù yín ní jìbìtì.

Ẹ jẹ́ n to àwọn àṣìṣe yìí tẹ̀ léra, bóyá ó máa yé ara wa.

1. Kẹ́ ẹ fi Brightness sílẹ̀ bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá.

Ọ̀pọ̀ mónítọ̀ ló jẹ́ pé wọ́n ti gbé ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ sókè gan-an kó tó kúrò nílé iṣẹ́, torí kó lè dán lójú oníbàárà níbi tí iná ṣọ́ọ̀bù ti ń tàn yòò. Mónítọ̀ ọ́fíìsì lásán lè tan ìmọ́lẹ̀ tó tó 250 níìtì, níìtì ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ síkírínì. Lálẹ́, nínú yàrá tó ní gílóòbù kan tàbí méjì, nǹkan bí 100 níìtì ti tó, àwọn míì ò tiẹ̀ ní nílò tó yẹn. Ẹ má sì bi mí pé nọ́ńbà wo lẹ máa gbé e sí, torí 30 orí mónítọ̀ tèmi kì í ṣe 30 orí tiyín. Ìdá ìmọ́lẹ̀ tí mónítọ̀ yẹn fúnra ẹ̀ ní ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, tòkunbọ̀ tí iná ẹ̀yìn ẹ̀ ti rẹ̀ sì lè nílò 60 kó tó tan bíi tuntun tó wà ní 25.

Bébà A4 funfun lẹ máa fi wọ̀n ọ́n. (Àwọn ọmọ ìsọ̀ wa ń pè mí ní Bọ̀dá Bébà torí ẹ̀, mi ò bínú, ó sàn ju orúkọ tí wọ́n ń pè mí tẹ́lẹ̀ lọ.) Ẹ dúró dìgbà tílẹ̀ bá ṣú, kẹ́ ẹ tan iná tẹ́ ẹ máa ń lò gan-an, kẹ́ ẹ ṣí fáìlì tí ò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ kó gba gbogbo síkírínì, kẹ́ ẹ wá gbé bébà yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ síkírínì, kó kọjú sí yín, kí iná yàrá sì máa bà á, kì í ṣe kẹ́ ẹ fi òjìji ara yín bò ó. Ẹ wo méjèèjì pọ̀. Tí síkírínì bá ń tàn bíi tọ́ọ̀ṣì tí bébà wá dà bí èyí tó ti dọ̀tí, Brightness ti pọ̀ jù. Tí bébà bá funfun ju síkírínì lọ, ẹ ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jù. Ibi tẹ́ ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè sọ èyí tó funfun ju èkejì lọ, ibẹ̀ náà ni. Ó máa kọ́kọ́ dà bíi pé síkírínì ti ṣókùnkùn, ẹ fún ojú yín ní ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá kó mọ́ ọn lára kẹ́ ẹ tó máa bú mi.

2. Kẹ́ ẹ máa fa Contrast nígbà tó jẹ́ pé Brightness ló ń dà yín láàmú.

Èyí gan-an ló mú mi kọ gbogbo kiní yìí. Màmá kan wà tó ń bá àwọn ọmọ yunifásítì táípù pírọ́jẹ́ẹ̀tì, àsìkò tí pírọ́jẹ́ẹ̀tì bá ti ń sún mọ́ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbà á, Màmá kì í sùn. Wọ́n pè mí pé mónítọ̀ tí mo tà fún wọn ti bà jẹ́, pé lẹ́tà orí ẹ̀ ti ń parẹ́. Mo débẹ̀ nírọ̀lẹ́, lóòótọ́ lẹ́tà ń parẹ́: dúdú ti di eérú, funfun náà ti di eérú, Màmá wá tẹ̀ síwájú tí imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan síkírínì. Mo tẹ bọ́tìnì, mo ní kí n wo ohun tó wà níbẹ̀. Brightness, 100. Contrast, 15.

Mo ní, “Màmá, ta ló fọwọ́ kan ibí?”

“Èmi náà ni. Ó ń ta mí lójú, mo bá rọra dín in kù.”

“Ẹ dín in kù lóòótọ́, èyí tí ò yẹ kẹ́ ẹ dín lẹ dín.”

“Ṣé méjèèjì ò kí ń ṣe nǹkan kan náà ni? Ó ṣáà ṣókùnkùn.”

Ẹ gbọ́, wọn kì í ṣe nǹkan kan náà. Lẹ́yìn síkírínì iná kan wà tó ń tàn láti ẹ̀yìn wá, òun ni Brightness ń gbé sókè tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àwọn mónítọ̀ pẹlẹbẹ tá à ń lò báyìí. Contrast ò fọwọ́ kan iná yẹn rárá. Nǹkan tó ń ṣe ni pé ó ń pinnu bí funfun ṣe máa funfun tó sí dúdú. Tẹ́ ẹ bá wá sọ Contrast kalẹ̀ débi tí Màmá sọ ọ́ sí, iná ẹ̀yìn ṣì ń jó ní gbogbo agbára ẹ̀, ó ṣì ń jò gba inú dúdú jáde, funfun nìkan lẹ pa. Dúdú àti funfun á wá sún mọ́ra, lẹ́tà ò ní yọ dáadáa mọ́, ojú á máa fipá wá etí lẹ́tà kiri. Ẹ ò sì tíì dín iná kù o, iná ẹ̀yìn yẹn ṣì wà ní 100.

Ohun tí mo ṣe fún Màmá ò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Mo wọ mẹ́nù, mo tẹ Reset kí gbogbo ẹ̀ padà síbi tí ilé iṣẹ́ fi í sí. Contrast padà sí 50. (Lórí àwọn míì 70 tàbí 75 lẹ máa bá, ẹ fi í síbẹ̀.) Mo wá mú Brightness nìkan, mo ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, Màmá gbé bébà dání. Ní 60 bébà ṣì dà bí èyí tó dọ̀tí, ní 40 ó kù díẹ̀, ní 28 Màmá ní kí n dúró. Lẹ́tà dúdú padà di dúdú. Wọ́n sún àga sẹ́yìn fúnra wọn, èmi ò sọ fún wọn. Wọ́n wá bi mí pé eélòó ni wọ́n máa san. Mi ò gbowó, àmọ́ mo jẹ móínmóín.

Òdìkejì ẹ̀ náà wà o. Akápò kóòpù kan gbé Contrast sí 100 pé kí ó lè hàn kedere. Ó hàn lóòótọ́, àmọ́ àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ eérú tó pààlà sáàárín àpótí nínú Excel ti lọ pátápátá, nǹkan tó bá ti fẹ́ sún mọ́ funfun ti di funfun pọ́nbélé. Ó wá ń fi ìka tẹ̀ lé nọ́ńbà lórí síkírínì kó má bàa ṣi ìlà kà. Àmì tẹ́ ẹ máa fi mọ̀ nìyẹn: ẹ ṣí Excel, tẹ́ ò bá rí àwọn ìlà yẹn, tó sì jẹ́ pé ẹ ò pa wọ́n fúnra yín, Contrast ti pọ̀ jù, ẹ dá a padà.

3. Dynamic Contrast. Ẹ pa á. Ó ń yí ìmọ́lẹ̀ padà fúnra ẹ̀ gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá kúrò lórí fáìlì funfun bọ́ sí nǹkan tó dúdú, ẹ ò sì ní mọ ohun tó ń rẹ ojú yín.

4. Kẹ́ ẹ máa ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn biribiri.

Mo mọ̀, Nẹ́pà mú iná lọ, ínfátà ò lè gbé ju kọ̀ǹpútà lọ, ẹ wá pa gbogbo gílóòbù. Gílóòbù LED wáàtì márùn-ún ò lè pa ínfátà, ẹ jọ̀ọ́, mónítọ̀ yín ń jẹ ju ìyẹn lọ dáadáa. Nínú òkùnkùn ọmọlójú á là gbàgà torí ó ń wá ìmọ́lẹ̀, síkírínì á wá kọ lù ú tààrà, kódà bébà tí mo ní kẹ́ ẹ gbé dání ò wúlò mọ́ torí ẹ ò rí i. Ibi tẹ́ ẹ máa gbé gílóòbù yẹn sí ni ẹ̀yìn mónítọ̀, kó kọjú sí ògiri kí ìmọ́lẹ̀ ti ara ògiri padà wá. Tó bá wà lẹ́yìn orí yín ẹ máa rí i nínú síkírínì, tó bá wà níwájú yín tí ẹ̀ ń wò ó kòròkòrò òun náà á tún di wàhálà míì.

Ọ̀rọ̀ gíláàsì búlúù náà ò yẹ kó gbà wá lásìkò: àwọn Cochrane tó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún 2023, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó má yàtọ̀ sí gíláàsì lásán tó bá di ti ojú tó ń rẹni nídìí kọ̀ǹpútà. Night light inú Windows náà, àwọ̀ ló ń yí, kò bá Brightness mónítọ̀ yín sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n o, ẹnìkan á tẹ̀ lé gbogbo èyí tán, orí á tún wá máa fọ́ ọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kì í ṣe irọ́. Àwọn mónítọ̀ tòkunbọ̀ kan wà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá sọ Brightness kalẹ̀, iná ẹ̀yìn yẹn ò kí ń rọra tàn, ńṣe ló ń tàn tó ń kú, tó ń tàn tó ń kú, ó lè tó ìgbà 200 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ojú ò rí i, àmọ́ ara àwọn míì mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣí fáìlì funfun, ẹ pa iná yàrá, ẹ mú bírò kẹ́ ẹ máa jù ú síhìn-ín sọ́hùn-ún kíákíá níwájú síkírínì. Tí òjìji bírò bá fà lọ geere bí èéfín, kò sí wàhálà. Tó bá gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ tẹ́ ẹ wá ń rí bírò púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ń ṣe é nìyẹn. Irú mónítọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ gbé Brightness padà sókè títí gígé yẹn á fi dín kù, ẹ wá fi iná kún yàrá kí bébà lè funfun bá a dọ́gba. Tó bá ṣì ń tàn jù, ibí yìí nìkan ni mo ti lè gbà kẹ́ ẹ dín Contrast díẹ̀, díẹ̀ ni mo wí o, Màmá.

Tí lẹ́tà bá ń ṣú bàìbàì pẹ̀lú kébù VGA, ẹ tẹ Auto Adjust, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ṣe gbogbo ẹ̀ tójú ṣì ń ta yín, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé lógójì ọdún, ẹ lọ yẹ ojú wò, ẹ̀ka ìtọ́jú ojú wà ní ilé ìwòsàn OAUTHC. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ jókòó bẹ́ ẹ ṣe máa ń jókòó, kí ẹnìkan fi téèpù wọn láti ojú yín dé síkírínì, torí gíláàsì tí wọ́n fún yín láti fi ka Bíbélì tàbí Kùránì, ibi tí ìwé máa ń wà lọ́wọ́ ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún, mónítọ̀ jìnnà ju ìyẹn lọ. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀, kẹ́ ẹ sọ fún ẹni tó bá ń yẹ̀ yín lójú wò kó tó kọ gíláàsì fún yín.