Àwọ̀ tó ṣá àti lẹ́tà tó ń ṣe bàìbàì nínú fídíò géèmù

Ìbéèrè: Mo ń fi káàdì ìgbàwòrán gba géèmù láti orí PS5 sínú OBS. Lórí tẹlifíṣọ̀n, òru inú géèmù ṣókùnkùn biribiri. Nínú fídíò, ó ti di eérú. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ohun méjì ló sábà máa ń fà á, wọ́n sì jọra lójú, nítorí náà ẹ má tíì yí ohunkóhun padà. Ẹ kọ́kọ́ wọn dúdú náà. Ẹ gbé géèmù síbi tí ojú rẹ̀ ti dúdú pátápátá, tí lẹ́tà funfun wà lórí rẹ̀, bí ìgbà tó bá ń múra àtibẹ̀rẹ̀. Nínú OBS, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ orísun náà, ìyẹn káàdì ìgbàwòrán yín nínú `Sources`, kí ẹ yan `Screenshot (Source)`. Ẹ ṣí àwòrán yẹn nínú ètò ìyàwòrán èyíkéyìí, kí ẹ fi irinṣẹ́ tó ń mú àwọ̀ tọ́ ọ wò. Ẹ má fi fóònù ya tẹlifíṣọ̀n láti fi wé e o, kámẹ́rà fóònù ń tún àwọ̀ ṣe fúnra rẹ̀.

Ká sọ pé dúdú fún yín ní 16, 16, 16, tí funfun sì jẹ́ 235, 235, 235. Ìwọ̀n àwọ̀ ni wàhálà yẹn. PS5 ń fi dúdú ránṣẹ́ ní 16 àti funfun ní 235, gẹ́gẹ́ bí àṣà tẹlifíṣọ̀n, OBS sì rò pé 0 sí 255 ló ń gbà, ó wá fi 16 sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ lọ sí `Properties` orísun náà, kí ẹ yí `Color Range` kúrò ní `Default` sí `Limited`. Lórí PS5, ní `Screen and Video`, lábẹ́ `Video Output`, ẹ fi `RGB Range` sí `Limited` dípò `Automatic`, kí ó má baà yí padà nígbà tí ẹ bá so tẹlifíṣọ̀n mìíràn mọ́ ọn. Ẹ tún wọ̀n ọ́n: dúdú gbọ́dọ̀ di 0, funfun 255, tàbí kó súnmọ́ ọn gan-an.

Tó bá jẹ́ pé dúdú ti wà ní 0 tẹ́lẹ̀, àmọ́ tí funfun rí bí eérú, tí pupa àti àwọ̀ ewé sì ti ṣá, HDR ni, ìyẹn àwòrán tí ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ti fídíò lásán lọ. PS5 ń fi HDR ránṣẹ́, ibi tó ń gbà á sì ń kà á bí àwòrán lásán. Fún fídíò lásán, ẹ pa HDR lórí PS5. Yíyí àwọ̀ padà lẹ́yìn tí ẹ ti gbà á tán kò lè dá gbogbo rẹ̀ padà.

Ìbéèrè: Àwọ̀ ti dára, ṣùgbọ́n lẹ́tà kéékèèké ń ṣe bàìbàì. 1080 ni káàdì mi ń gbà, 1080 náà ni mo sì fi ń tọ́jú fídíò.

Ìdáhùn: Ẹ wo `Base (Canvas) Resolution` ní `Settings`, lábẹ́ `Video`. Tí mọ́nítọ̀ kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ 2560x1440, ó ṣeé ṣe kí OBS ti mú iye yẹn nígbà tí ẹ kọ́kọ́ ṣí i. Tí ẹ bá wá fa àwòrán 1920x1080 yín kó lè kún 2560x1440, píksẹ́lì mẹ́ta á di mẹ́rin, lẹ́yìn náà á tún sún kì padà sí 1080. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti tún un yà, ibẹ̀ ni etí lẹ́tà ti ń bàjẹ́.

Ẹ fi Base àti `Output (Scaled) Resolution` sí 1920x1080 méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ yan orísun náà, kí ẹ tẹ Ctrl+R, torí ìwọ̀n tí ẹ ti fà á sí tẹ́lẹ̀ lè má yí padà fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ 1280x720, ẹ dín Output nìkan kù, kí ẹ sì yan Lanczos ní `Downscale Filter`.

Lẹ́tà pupa tín-ín-rín lè má mọ́ tó ti tẹlifíṣọ̀n síbẹ̀. NV12 tí fídíò ń lò máa ń tọ́jú ìmọ́lẹ̀ píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, àmọ́ àwọ̀ kan ṣoṣo ló ń fún píksẹ́lì mẹ́rin.

Ìbéèrè: Ní `Advanced`, ṣé kí n fi `Color Range` sí `Full` kí àwọ̀ lè pé?

Ìdáhùn: Rárá, ẹ fi í sílẹ̀ ní `Limited`, kí `Color Space` sì wà ní Rec. 709. Ìyẹn yàtọ̀ sí ti orísun: ti orísun sọ bí ohun tó ń wọlé ṣe rí, èyí sì sọ bí OBS ṣe máa kọ fídíò. Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn èèyàn fi ń wo fídíò gbà pé Limited ni. Tí ẹ bá kọ ọ́ ní Full, wọ́n á yọ 16 kúrò, wọ́n á sì na ìyókù:

```
(40 - 16) × 255 / 219 ≈ 28
(10 - 16) → 0
```

Ohun tó yẹ kó wà ní 10, bí igun yàrá tí ọ̀tá sá pamọ́ sí, á di dúdú pátá. Ẹ máa mọ̀ ọ́n bí àwòrán bá dára nínú OBS ṣùgbọ́n tí fáìlì rẹ̀ ṣú nígbà tí ẹ bá ṣí i.