Bí A Ṣe Ń Fẹ Fọ́tò Kọjá Etí Rẹ̀

Wọ́n ya ìyá mi níbi ìgbéyàwó kan, ayàwòrán sún mọ́ ọn jù, orí gèlè rẹ̀ kò sì wọnú fọ́tò. Kọ̀ǹpútà lè ya ìyókù sí i báyìí. Àmọ́ ohun tí kámẹ́rà kò rí, kò sí ètò tó lè mú un padà wá. Àbá ló ń dá.

Ara àìmọye fọ́tò ni ètò náà ti kọ́ṣẹ́. Tí ẹ bá fún un ní àlàfo, èérún àwọ̀ rúdurùdu ló kọ́kọ́ máa ń dà síbẹ̀, bí ẹni da iyanrìn sílẹ̀. Á wá máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bá etí fọ́tò mu: àwọ̀ aṣọ, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, ìṣẹ́po gèlè tó ń lọ sókè.

Photoshop, ètò tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, ni mo lò, íńtánẹ́ẹ̀tì sì gbọ́dọ̀ wà. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fọ́tò náà. Ẹ mú Crop, kí ẹ yan Generative Expand níbi tí wọ́n kọ Fill sí, kí ẹ fa etí òkè jáde, kí ẹ wá tẹ Generate.

Ẹ má fà á jìnnà lẹ́ẹ̀kan. Bí àlàfo bá ti tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó wà létí kò ní tó darí rẹ̀ mọ́. Fọ́tò tèmi ga tó píksẹ́lì 2000; mo fi 300 kún un, lẹ́yìn náà mo fi 200 sí i.

Mẹ́ta ni yóò gbé wá kí ẹ yàn. Nígbà tí n kò kọ nǹkan kan sínú àpótí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Generate, ọ̀kan sọ gèlè di fìlà, èkejì fi aṣọ mìíràn kún un. Nítorí náà, ẹ kọ ohun tó yẹ kó wà nínú àlàfo. Ẹ má kọ ọ́ bí àṣẹ. Ohun tí mo kọ nìyí:

```
gold gele head wrap, stiff folds, cream wall
```

Ẹ wá sún àwòrán náà mọ́jú. Ẹ fi ojú tọ ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan láti apá àtijọ́ kọjá sí tuntun: ṣé ó já? Ṣé òjìji ṣì wà ní apá kan náà? Apá tuntun sábà máa ń dán ju ti àtijọ́ lọ, pàápàá tí fọ́tò bá ní hóróhóró; Add Noise díẹ̀, tó wà lábẹ́ Filter, lè mú wọn jọra.

Èyí tí mo yàn dára lójú mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó we gèlè náà fún màámi lọ́jọ́ ọ̀hún, sọ pé apá òsì ló tẹ̀ sí, kò nà ṣánṣán bẹ́ẹ̀. Mo fi ìyẹn kún ọ̀rọ̀ inú àpótí, mo sì tún un ṣe. Nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ jáde, mo kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé kọ̀ǹpútà ló ya orí gèlè náà.