Ohun tó yẹ kó wà lábẹ́ kọnkéré ilẹ̀ kí ọ̀rinrin má baà gun inú ilé

Yàrá kan wà nínú ilé tí a gbé rí ní ìhà Ìkòròdú tí ẹnikẹ́ni kì í lè tẹ́ ẹní sùn nínú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, abẹ́ ẹní á ti tutù, á sì ti máa rùn. Ọ̀dà ara ògiri ń bó láti ìsàlẹ̀ títí dé orúnkún, ohun funfun bí iyọ̀ sì ń yọ láàárín táìlì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni a tún un kùn. Nígbà tí a wá fọ́ ilẹ̀ náà, iyẹ̀pẹ̀ dúdú nìkan la bá lábẹ́ kọnkéré. Kò sí òkúta, kò sí ọ̀rá.

Ẹ wo bí òwú fìtílà ṣe ń fa kẹrosíìnì gòkè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ilẹ̀ ṣe ń fa omi. Àwọn àlàfo tín-ín-rín tó wà láàárín hóró iyẹ̀pẹ̀ ló ń ṣe é, bí àlàfo náà bá sì ṣe kéré tó ni omi ṣe ń gùn ga tó. Ìdí nìyí tí amọ̀ fi ń fa omi gòkè ju yanrìn lọ. Kọnkéré náà ní irú àlàfo bẹ́ẹ̀ nínú, nítorí náà, bí ó bá jókòó lórí ilẹ̀ tútù, òun náà á máa fà á.

Òkúta ńlá tí a tẹ́ sáàárín ni ó ń já òwú yẹn. Àlàfo àárín òkúta fẹ̀ jù fún omi láti gùn. Ṣùgbọ́n oru omi ń gba inú àlàfo kan náà kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ìyẹn ni ọ̀rá ṣe ní láti wà lórí òkúta. Iṣẹ́ kejì tún wà lọ́rùn òkúta tí ọ̀rá kò lè ṣe láéláé: òun ló ń gbé kọnkéré ró kí ilẹ̀ má baà rì lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ti ra ọ̀rá, kí wọ́n fi òkúta sílẹ̀, kò ì tíì dá ara rẹ̀ sí.

Bí ìpìlẹ̀ bá ti gòkè tán, ẹ kọ́kọ́ họ ilẹ̀ dúdú orí kúrò nínú yàrá, ó kéré tán ínṣì 6. Gbòǹgbò àti ewé wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹrà, ilẹ̀ á rì. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó fi ilẹ̀ pupa kún ibi tó jìn. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́. Wọ́n á da ilẹ̀ pupa jíjìn ẹsẹ̀ bàtà méjì sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ gún orí rẹ̀. Agbára ẹ̀rọ kì í dé ìsàlẹ̀. Òkè á le, ìsàlẹ̀ á wà ní hẹ́bẹ́hẹ́bẹ́, nígbà tí òjò bá sì rọ̀ wọ̀ ọ́ fún ọdún kan tàbí méjì, á rì, kọnkéré á sì dúró lórí òfìfo. Bí ẹ bá fi ìka kan táìlì tí ó ń dún gbàǹgbàn bí agolo, tí kọnkéré sì là láàárín yàrá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, ẹ dà á ní ínṣì 6, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, ẹ gún un kó le, kí ẹ tó da òmíràn lé e.

Òkúta tí àwọn bíríkìlà ń pè ní hádíkọ́ọ̀ ló kàn. Àfọ́kù kọnkéré dára, òkúta gíránáìtì dára jù. Kó má tóbi ju ìkúùkù àgbàlagbà lọ. Ẹ ṣa igi kúrò nínú rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí àfọ́kù pí-ó-pì àjà ilé bọ́ sí i, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ máa ń jẹ kọnkéré bí omi bá kàn án. Ẹ tẹ́ ẹ kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15 lẹ́yìn tí ẹ bá ti gún un tán. Bí ẹ bá ń rìn lórí rẹ̀ tí òkúta kankan ṣì ń mì lábẹ́ gìgísẹ̀, ẹ tún gún un.

Ẹ da yanrìn sẹ̀ǹtímítà 5 sórí òkúta, ẹ sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Yanrìn yìí ni kò ní jẹ́ kí ẹnu òkúta dá ọ̀rá lu. Bí ẹ bá fẹ́ da oògùn ikán, àkókò rẹ̀ nìyí, kí ọ̀rá tó bò ó.

Ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ẹrù lọ́jà kò tó fún iṣẹ́ yìí. Ìlànà ilé kíkọ́ ní Ìlú Ọba ń béèrè èyí tó nípọn tó mìlímítà 0.3, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní géèjì 1200, òun lèmi náà fara mọ́. Níbi tí ọ̀rá méjì bá ti pàdé, kí ọ̀kan gun èkejì ní sẹ̀ǹtímítà 15, ó kéré tán, kí ẹ sì fi téèpù dì í. Níbi tí páìpù bá ti gba inú rẹ̀ yọ, ẹ fi téèpù yí i ká. Kí etí ọ̀rá gun ara ògiri kọjá orí kọnkéré, kó sì kan ọ̀rá tí wọ́n tẹ́ sáàárín búlọ́ọ̀kù nígbà tí wọ́n ń mọ ògiri. Bí wọn ò bá pàdé, omi á gba inú búlọ́ọ̀kù yí i po.

Ẹ jẹ́ ká mú yàrá tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú àti lóòró, ìyẹn nǹkan bí mítà 3.6. Òkúta tí ẹ ó rà á tó nǹkan bíi bárò 40, nítorí pé ó máa ń dín kù bí a bá gún un. Bí ẹ bá rí ọ̀rá tó fẹ̀ tó mítà 4, ẹ gé mítà 4 nínú rẹ̀: ẹyọ kan ṣoṣo á bo gbogbo yàrá láìsí oríkèé, á sì ku sẹ̀ǹtímítà 20 tí yóò gun ògiri kọ̀ọ̀kan. Kọnkéré sẹ̀ǹtímítà 10, símẹ́ńtì kan sí yanrìn méjì sí gíránáìtì mẹ́rin, á gba nǹkan bí àpò símẹ́ńtì 9. Ẹ fi pákó sílẹ̀ fún bárò láti gbà, kí irin ẹsẹ̀ rẹ̀ má fa ọ̀rá ya.

Omi inú kọnkéré tuntun kò lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́ nítorí ọ̀rá, òkè nìkan ló lè gbà jáde. Ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7 kó lè le, kí ẹ sì fún un ní oṣù mélòó kan kí ẹ tó tẹ́ pákó tàbí ohun tí ọ̀rinrin lè bàjẹ́ lé e.

Fún ilé tó ti pẹ́, ẹ lẹ ọ̀rá tó mọ́ gaara, tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45 níbùú àti lóòró, mọ́ kọnkéré tí kò ní táìlì, kí téèpù dí etí rẹ̀ yípo. Lọ́jọ́ kejì, bí omi bá sẹ̀ sí abẹ́ ọ̀rá, láti inú ilẹ̀ ló ti wá. Bí ó bá jẹ́ orí ọ̀rá ló tutù, afẹ́fẹ́ inú yàrá ni ẹ yẹ̀ wò. Síbẹ̀, níbi tí omi abẹ́ ilẹ̀ ti ń ga ju ilẹ̀ yàrá lọ nígbà òjò, ọ̀rá yìí kò ní dá a dúró, torí omi náà ń tì í láti ìsàlẹ̀ ni. Ilẹ̀ yàrá gbọ́dọ̀ ga ju ti ìta lọ, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 15.

Ní yàrá Ìkòròdú yẹn, a tún gbogbo rẹ̀ ṣe báyìí, ẹní sì ń gbẹ lábẹ́ ẹni tó sùn. Ọ̀dà ṣì ń bó lára ògiri o, nítorí pé wọn kò fi ọ̀rá sáàárín búlọ́ọ̀kù nígbà tí wọ́n ń mọ ọ́n, kọnkéré tuntun kò sì lè tún ìyẹn ṣe.