Bí mo ṣe fi owó kún ọṣẹ mi nígbà tí epo gbówó lórí

Ọṣẹ ìwẹ̀ ni mo ń ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ wọn 100 gírámù. Láàárín oṣù kan péré, iye epo tí mo fi ń ṣe é fi ìdajì lé sí i. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí èmi náà fi ìdajì lé owó ọṣẹ. Mo dúpẹ́ pé mo ṣí ìwé ìṣirò mi kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Mo pín owó tí mo ń ta ọṣẹ kan sí ọ̀nà 100. Epo ń kó 40 nínú rẹ̀, sódà ń kó 5, lọ́fíńdà ń kó 8, páálí tí mo fi ń dì í ń kó 7, owó iṣẹ́ àti iná àti ọkọ̀ ń kó 20. Èyí tó ń kù sí mi lọ́wọ́ jẹ́ 20. Nígbà tí epo wọ́n, 40 yẹn di 60, àfikún náà sì gbé gbogbo èrè mi lọ. Bí mo bá ń tà á ní iye àtijọ́, ọ̀fẹ́ ni mo ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn kan náà ló dá mi lẹ́kun. Epo nìkan ló wọ́n. Bí mo bá fi 50 kún owó ọṣẹ, mo ti gba owó lórí sódà, páálí àti iṣẹ́ ọwọ́ tí kò yí padà rárá. Ohun tí ọṣẹ náà nílò kò ju 20 lọ. Mo wá pinnu pé iye èrè orí ọṣẹ kan ni màá dì mú, n kò ní wo ìdá tó jẹ́ nínú owó ọṣẹ. 20 lórí 120 kéré sí 20 lórí 100 lóòótọ́, àmọ́ iye tó ń wọ àpò mi kò dínkù. Ibi tó ti ń dunni ni pé owó tó ń há sínú epo pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà mo ní láti máa ra díẹ̀díẹ̀, léraléra.

Ẹnì kan tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí ní kí n kàn yí epo padà. Epo àgbọn ló pọ̀ jù nínú ọṣẹ mi, epo pupa sì rọ̀jú jù ú lọ nígbà yẹn. N kò gbà. 100 gírámù epo àgbọn máa ń gba sódà bíi 18 gírámù kó tó di ọṣẹ tán, ṣùgbọ́n bíi 14 ni epo pupa ń gba. Ẹni tó bá pààrọ̀ epo láìtún sódà ṣírò yóò ní sódà tó ṣẹ́kù nínú ọṣẹ, yóò sì máa jó èèyàn lára. Ká tiẹ̀ ní mo tún un ṣírò dáadáa, epo àgbọn ló ń jẹ́ kí ọṣẹ mi yára hó, ìhó yẹn sì ni àwọn oníbàárà fi mọ̀ ọ́n. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọṣẹ tí a kò sè máa ń gbẹ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Kí n tó mọ̀ bóyá èyí tí mo dán wò dára, ó ti pẹ́ jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni n kò fẹ́ dín in kù sí 85 gírámù lábẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti ń fi ọṣẹ kan wẹ̀ láti ọdún 3 mọ ìgbà tó yẹ kó tán.

Ohun tí mo gé kù kò kan inú ọṣẹ. Mo fi ìwé fẹ́ẹ́rẹ́ kan rọ́pò páálí, ìyẹn yọ 3. Mo tún bí a ṣe ń gé ọṣẹ ṣe kí etí tó ń ṣòfò lè dínkù, ìyẹn yọ 2. Àfikún 20 wá di 15, iye tuntun sì jẹ́ 115.

Ó ku bí màá ṣe sọ ọ́. Nínú àkọsílẹ̀ oṣù 6, mo rí i pé oníbàárà 60 ni mo ní, ṣùgbọ́n 11 nínú wọn ló ń ra ju ìdajì ọjà mi lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń tún un tà. Àwọn ni mo kọ́kọ́ pè lórí fóònù, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti fẹ́ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ 1 péré kí iye tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Màmá kan tó ti ń bá mi rà láti ìbẹ̀rẹ̀ ló là mí lójú.

“Ọmọ mi,” ni wọ́n wí, “mi ò bá ẹ jà nítorí owó. Àmọ́ àwọn kan ti sanwó ọṣẹ oṣù yìí fún mi ní iye àtijọ́. Ṣé kí n padà lọ bá wọn ni?”

Mo ní, “Rárá, Mà. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ 3.” Bí ó ṣe di ọ̀sẹ̀ 3 fún gbogbo wọn nìyẹn.

Ọṣẹ 900 tí mo fi epo àtijọ́ ṣe ṣì wà nílẹ̀. Mo ní àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé mi yóò rà á ní iye àtijọ́, oníbàárà tuntun yóò san iye tuntun lójú ẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé owó epo tó wà nínú rẹ̀ kò ní í tó ra iye epo bẹ́ẹ̀ mọ́, mo sì gbà láti ru ẹrù yẹn lẹ́ẹ̀kan. Àṣìṣe mi ni pé n kò fi òdiwọ̀n sí i. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ fún béèrè 400, mo sì tà á fún un. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó sọ pé iye tí kálukú máa ń rà lóṣù ni yóò rí gbà. Mo tọrọ gàfárà lọ́wọ́ àwọn 2 tí ọjà kò kàn nítorí rẹ̀, mo sì fi iye àtijọ́ ta nínú ọṣẹ tuntun fún wọn.

Iṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́ sí àwọn yòókù kò gùn:

“Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Epo tí a fi ń ṣe ọṣẹ yín ti fi ìdajì lé. Ọ̀sẹ̀ 3 sí òní, ohun tí ẹ ń rà ní 100 yóò di 115. Ìwọ̀n rẹ̀ àti ohun tó wà nínú rẹ̀ kò yí, ìwé la fi rọ́pò páálí. Bí epo bá wálẹ̀, tí ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà 2 tí a rà á tẹ̀ léra, iye tó wálẹ̀ lórí ọṣẹ kan la ó yọ fún yín.”

Nínú èyí tí mo fi ránṣẹ́, iye owó gan-an ni mo kọ dípò 100 àti 115, àtijọ́ àti tuntun, nítorí ọ̀rọ̀ tí kò bá dárúkọ iye máa ń mú kí èèyàn rò pé ó pọ̀ ju bó ṣe rí lọ.

Oníbàárà 5 ló lọ nínú 60. Ó dùn mí, nítorí mo mọ ojú gbogbo wọn. Àmọ́ ká ní mo dúró sórí 100, èrè mi kì bá ju 5 lọ lórí ọṣẹ kan, ìlọ́po mẹ́rin ọjà ni ǹ bá tà kí n tó rí ohun tí mo ń rí tẹ́lẹ̀.

Lóṣù kẹrin, epo wálẹ̀, ìpín rẹ̀ lórí ọṣẹ kan kúrò ní 60, ó di 54. Mo ra ẹ̀ẹ̀kejì, ibẹ̀ náà ló wà. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo kọ sí gbogbo wọn pé 115 ti di 109, títí kan àwọn 5 tó ti lọ. Méjì nínú wọn padà wá rà kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.