Ìròyìn iná tó wọlé ní ogójì ìṣẹ́jú kí ojú ewé tó tì

Aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú ni ìròyìn náà dé ọwọ́ mi, aago méje la sì máa ń ti ojú ewé yẹn pa. Ilé ìkẹ́rùsí kan ló jóná lọ́sàn-án Ọjọ́rú. Orí fóònù ni akọ̀ròyìn wa ti kọ ọ́, láàárín èrò: ìpínrọ̀ mẹ́rìnlá.

Mo kọ́kọ́ kà á tán láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Bó ti wù kí àkókò há tó, n kì í fo ibẹ̀ yẹn, torí ẹni tó bá ti ń to àmì ohùn láti ìlà kìíní kò ní rí i pé ìpínrọ̀ kejì àti ìkẹsàn-án ń ta ko ara wọn. Wọ́n sì ń ta ko ara wọn lóòótọ́. Èkejì ní: "Iná náà ṣì ń jó, àwọn panápaná sì ń sa ipá wọn." Ìkẹsàn-án ní: "Wọ́n ti pa iná náà ní aago márùn-ún."

Gbólóhùn méjèèjì ló tọ̀nà nígbà tó kọ wọ́n. Aago mẹ́ta ló kọ ti àkọ́kọ́, ó wá ń lẹ ìyókù mọ́ ọn bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ibi tí mo ti rí "ń" tàbí "ṣì", mo bi ara mi pé: ṣé bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣì rí nígbà tí òǹkàwé bá ṣí ìwé ìròyìn láàárọ̀? Iná tó "ń jó" di iná tó "jó fún wákàtí mẹ́ta", torí ìpínrọ̀ kìíní ti sọ pé aago méjì ló bẹ̀rẹ̀. "Àwọn ọlọ́pàá ń ṣe ìwádìí", mo fi í sílẹ̀. Ìyẹn ò tíì ní parí láàárọ̀. Mo yọ "ti" kúrò níwájú "pa iná" pẹ̀lú. Létí tèmi, tí a bá ti dárúkọ aago, "ti" ò níṣẹ́ níbẹ̀ mọ́: "Aago márùn-ún ni wọ́n pa iná náà."

"Lónìí" àti "lọ́la" tún wà níbẹ̀. Lónìí akọ̀ròyìn ni lánàá òǹkàwé. Ìwé ìlànà wa ní kí á dárúkọ ọjọ́, mo sì sọ wọ́n di Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀.

Ibi tó gba àkókò jù ni èyí: "Onílé ìkẹ́rùsí náà sọ fún ọ̀gá panápaná pé ó ti pa jẹnẹrétọ̀ kí iná tó sọ." Ta ló pa á? Bí a ṣe kọ ọ́ yìí, ó lè jẹ́ ọ̀gá panápaná, ó sì lè jẹ́ ẹlòmíràn pátápátá. Tó bá jẹ́ onílé ló ń sọ ti ara rẹ̀, "òun" ló yẹ kó wà níbẹ̀. N kò lè méfò ọ̀rọ̀ tó lè di ẹjọ́, mo pe akọ̀ròyìn.

"Ẹ̀gbọ́n, onílé fúnra rẹ̀ ni."

"Àwọn tí 'wọ́n gbé wọn lọ sílé ìwòsàn' ńkọ́? Ẹni mélòó?"

"Ẹnì kan ni, ẹ̀gbọ́n. Bàbá àgbàlagbà ni, ni mo ṣe fi 'wọn' pè wọ́n."

Ọmọlúàbí ni, àmọ́ òǹkàwé á ti ka èèyàn márùn-ún. Ìlànà wa ni pé "ó" ni fún ẹnì kan, bó ti wù kó dàgbà tó. Inú àmì àyọlò nìkan ni ọ̀wọ̀ ti ń dúró bí olùsọ̀rọ̀ ṣe sọ ọ́.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ya "nígbàtí" àti "gẹ́gẹ́bí" sọ́tọ̀, mo sọ "enia" di "ènìyàn" bí àkọtọ́ 1974 ṣe là á sílẹ̀, mo wá kọjú sí "wípé". "Pé" la máa ń kọ. Mo ní kí kọ̀ǹpútà wá gbogbo rẹ̀, ó rí mẹ́ta, ojú mi sì rí márùn-ún: bí fóònù ṣe ń to àmì mọ́ lẹ́tà yàtọ̀ sí ti kọ̀ǹpútà mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jọra lójú. Mo fọwọ́ tún wọn ṣe níkọ̀ọ̀kan. Ó dáa bẹ́ẹ̀, torí ọ̀kan nínú wọn ni "Ọ̀gá náà wípé kò sẹ́ni tó kú." "Wí" gidi nìyẹn. Ká ní mo pàrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni, "Ọ̀gá náà pé" là bá tẹ̀ jáde. Mo kọ "sọ pé".

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo ti fẹ́ fi ránṣẹ́, ni mo gbójú sókè wo àkọlé, tó máa ń wà nínú àpótí tirẹ̀ lókè. "Iná ń jó ilé ìkẹ́rùsí." Mo yọ "ń" kúrò, mo fi ránṣẹ́.